"Kò Sí Búrẹ́dì": Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Sítíkà Ọkọ̀ àti Pátákó Ìpolówó Kan ní Ìbàdàn

Obìnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Ìbàdàn fẹ́ ṣe nǹkan méjì pọ̀. Ó ti ra ọkọ̀ Toyota HiAce àlòkù kan tí wọn yóò máa fi gbé búrẹ́dì kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi sítíkà bo gbogbo ara rẹ̀. Ó tún ti háyà pátákó ìpolówó kan ní ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ìbú pátákó náà jẹ́ mítà 6, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3. Ó ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ayàwòrán kan ní Mókọ́lá ló gba iṣẹ́ yíyà, ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń yẹ fáìlì wò kó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ ni yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí nìyẹn.

Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin náà yà kò burú. Àwọ̀ ojú ọ̀run ló fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ó fi búrẹ́dì ńlá kan sí àárín, ó kọ orúkọ ilé búrẹ́dì ní lẹ́tà funfun, ó wá kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀: "Kò sí búrẹ́dì tó dùn tó o." Nọ́ńbà fóònù méjì wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, orúkọ wọn lórí Instagram náà wà níbẹ̀. Kí màmá tó ni ilé búrẹ́dì náà lè rí bí yóò ṣe rí lójú pópó, ó ṣe mọ́kọ́ọ̀pù, ìyẹn àwòrán tó ń fi iṣẹ́ hàn níbi tí a ó gbé e sí. Ó wa fáìlì méjì jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a máa ń ṣí nínú Photoshop, tí a óò kàn tẹ Smart Object, ìyẹn àyè tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹni, lẹ́ẹ̀mejì, kí a lẹ iṣẹ́ wa síbẹ̀, kí a sì pa á dé. Kò gba àkókò rárá.

Àwòrán tó jáde dára débi pé màmá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ funfun kan tí kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró lórí ọ̀dà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ara rẹ̀ ń dán, ó sì tẹ́jú láti ẹ̀yìn awakọ̀ títí dé ìdí. Pátákó tirẹ̀ dúró lóru, iná mọ̀nàmọ́ná tàn sí i látòkè, a sì ń wò ó ní ọ̀kánkán gan-an bí ìgbà tí èèyàn bá dúró níwájú dígí. Kò sí òpó iná, kò sí wáyà, kò sí igi kankan. Màmá ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

Ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró ni bàbá tó ń lẹ sítíkà. Ó ti ń lẹ ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́, kì í sì í gba iye mítà tí ayàwòrán bá kọ fún un láìwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wo àwòrán náà lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, ọkọ̀ ta lo yà yìí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ti màmá ni, sà."

"Màmá kò ní irú ọkọ̀ yìí. Ti màmá ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń yọ́ sẹ́yìn ni. Níbo ni gíláàsì náà wà níbí?"

Kò sí ìdáhùn sí i. Ẹni tó ṣe fáìlì ọ̀fẹ́ yẹn kò mọ Ìbàdàn, kò sì mọ HiAce màmá. Ó ṣe é kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lè dára nínú rẹ̀ ni, nítorí náà ó ti yọ gbogbo ohun tó lè dí i lọ́wọ́ kúrò. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn nínú àkójọ. Tí a bá fẹ́ fi í gba àṣẹ ìtẹ̀, ewu ńlá ni, torí pé oníbàárà ń fọwọ́ sí ọkọ̀ tí kò ní àti ojú pópó tí kò gbà rí. Mo sọ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé kó pa fáìlì náà tì, kí a lọ ya fọ́tò ọkọ̀ gan-an àti pátákó gan-an.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Tí èèyàn bá dúró nítòsí ọkọ̀ tó sì fi fóònù yà á, àárín yóò wú, iwájú àti ẹ̀yìn yóò sì fà sẹ́yìn. Ohunkóhun tí a bá lẹ̀ mọ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ní bá ìwọ̀n mu. A gbé ọkọ̀ náà sí pápá kan, a jìnnà sí i dáadáa, a wá fi súùmù fà á súnmọ́, pẹ̀lú kámẹ́rà ní ọ̀kánkán àárín ọkọ̀, ní gíga ìlàjì ara rẹ̀. A ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ya ẹ̀yìn, a sì ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Fọ́tò tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í yà, òun ló sì yí gbogbo iṣẹ́ náà padà.

Lẹ́yìn náà, bàbá alẹ̀sítíkà fi tépù wọn àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn: mítà 2.57. Ìwọ̀n kan yìí tó láti mú gbogbo fọ́tò bá ìwọ̀n mu. Nínú Photoshop, a fa fọ́tò náà títí àárín táyà sí táyà fi di sẹ̀ǹtímítà 25.7, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti ìgbà yẹn, sẹ̀ǹtímítà kan lórí àwòrán dúró fún sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lára ọkọ̀, a sì lè wọn ibi gbogbo láìtún lọ síbi tí ọkọ̀ wà. A fi ìlà pupa tọ ipa gbogbo ohun tó lè gé lẹ́tà: etí ilẹ̀kùn, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ojú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà yọ́ sẹ́yìn, ìdérí ẹnu táǹkì epo, àti etí gíláàsì.

Nígbà tí a gbé iṣẹ́ ọ̀dọ́kùnrin náà lé e, ìṣòro méjì jáde lójú ẹsẹ̀.

Èkíní ni gíláàsì. Búrẹ́dì ńlá àárín bọ́ sórí gíláàsì ní ìdajì, ìdajì tó kù sì wà lára irin. A kì í lẹ sítíkà lásán mọ́ gíláàsì bẹ́ẹ̀, sítíkà oníhò wẹ́wẹ́ la máa ń lò kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè ríran síta. Èyí tí ilé ìtẹ̀wé wa ní jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sítíkà, ìdá 40 sì jẹ́ ihò. Láti ìta, ihò wọ̀nyẹn máa ń dúdú, torí inú ọkọ̀ ṣókùnkùn ju ìta lọ. Nítorí náà, kí mọ́kọ́ọ̀pù tó lè sọ òótọ́, àwọ̀ tó bọ́ sórí gíláàsì gbọ́dọ̀ dínkù sí bíi ìdá 60, kí dúdú gíláàsì wá hàn lábẹ́ rẹ̀. A ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ búrẹ́dì mọ́lẹ̀ ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú, òkè rẹ̀ dúdú. Nígbà tí màmá rí i, ó pariwo pé, "Búrẹ́dì mi ti jóná!"

Ìkejì ni ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ ló wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń wò ó, orí ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kíkà tiwa sì ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti pín gbólóhùn rẹ̀ sí ara ọkọ̀ bí àyè ṣe gbà á: orúkọ ilé búrẹ́dì sí pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn, "Kò sí búrẹ́dì" sí ilẹ̀kùn tó ń yọ́, "tó dùn tó o" sí ilẹ̀kùn iwájú. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, yóò bo pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn pátá. Orúkọ ilé búrẹ́dì á pòórá, ihò ńlá á là láàárín gbólóhùn náà, ohun tí ojú á sì kọ́kọ́ kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn ni "Kò sí búrẹ́dì."

Ìgbà wo sì ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ búrẹ́dì máa ń ṣí? Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí wọ́n bá ń já ọjà, tí àwọn oníbàárà dúró yí i ká. Ìgbà tí èèyàn ní àkókò láti kà á gan-an nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lọ, wọ́n lè má rí ju àwọ̀ rẹ̀ lọ.

A fi fọ́tò méjèèjì han màmá, ti ilẹ̀kùn títì àti ti ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ẹ má rò pé ó gbà lójú ẹsẹ̀ o. Ti àkọ́kọ́ lóun ṣì fẹ́, èyí tó ń dán lójú ọ̀dà tútù yẹn. Ó ní fọ́tò tiwa dọ̀tí, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún wò, ọkọ̀ náà sì dà bí àlòkù. Ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ sọ pé àlòkù ni ọkọ̀ náà lóòótọ́, bàbá alẹ̀sítíkà fojú pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tó yí màmá lọ́kàn padà ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan tó ń bójú tó títa búrẹ́dì láàárọ̀. Ó gba fóònù, ó wo fọ́tò ilẹ̀kùn ṣíṣí, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kò lè dúró mọ́. Ó ní, "Màmá, àwọn ìyá tó ń tà á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí." Màmá gba fóònù padà, ó tún un kà fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò tún dárúkọ àwòrán àkọ́kọ́ mọ́.

Àtúnṣe tí a ṣe kò nira. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, orúkọ ilé búrẹ́dì bọ́ sórí ilẹ̀kùn tó ń yọ́ nìkan, gbogbo rẹ̀ pátá, lábẹ́ gíláàsì, kó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá lọ sẹ́yìn, òun àti orúkọ náà jọ ń lọ ni. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kò ní ju àwọ̀ lọ. Gbólóhùn náà ti kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì tí kò ní ilẹ̀kùn yíyọ́ àti sí ìdí ọkọ̀, ibi tí ẹni tó wà lẹ́yìn nínú gosíló ti ní àkókò púpọ̀ láti kà á. Búrẹ́dì kéré sí i, kò sì kan gíláàsì mọ́. Bàbá alẹ̀sítíkà tún ní kí a gbé nọ́ńbà fóònù sókè kúrò nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú, nítorí pé ẹrẹ̀ táyà àti eruku ọyẹ́ ni yóò máa gbé ibẹ̀.

Pátákó ló gba àròjinlẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni mọ́kọ́ọ̀pù ti máa ń parọ́ láìjẹ́ pé ó hàn.

A kọ́kọ́ wakọ̀ gba ọ̀nà náà bí òṣìṣẹ́ tó ń lọ sílé. Pátákó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó háyà rẹ̀ fún màmá ti sọ pé láti òkèèrè ni wọ́n ti ń rí i, òótọ́ sì ni pé irin rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n igi máńgòrò kan wà níwájú ilé kan, ẹ̀ka rẹ̀ sì bo ojú pátákó náà títí a fi súnmọ́ ọn. A dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ibi tí gbogbo ojú pátákó ti kọ́kọ́ yọ, a sì fi Google Maps wọn ibẹ̀ sí ìdí pátákó: nǹkan bíi mítà 90. A béèrè bóyá onílé lè gé ẹ̀ka díẹ̀. Ó ní máńgòrò òun ti ń yọ òdòdó, ẹnikẹ́ni kò ní fi àdá kàn án. Mítà 90 náà la ní láti bá ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 90 á tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ó lé díẹ̀, a ó sì yọ èyí tó kẹ́yìn kúrò, torí pé nígbà tí awakọ̀ bá ti súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, pátákó ti kúrò níwájú rẹ̀, á ní láti yí ọrùn kó tó lè rí i. Ó kù bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Nọ́ńbà fóònù méjì, àdírẹ́sì, Instagram, gbólóhùn àti orúkọ wà lójú pátákó yẹn.

Mo jókòó sí ibi èrò iwájú, kí gíga ojú mi lè bá ti awakọ̀ mu, mo ya fọ́tò náà láìfi súùmù kankan fà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Tí fọ́tò bá jáde, pátákó máa ń kéré nínú rẹ̀ débi pé ojú á ti ayàwòrán láti fi hàn oníbàárà, nítorí náà á gé e títí pátákó á fi kún gbogbo àwòrán. Bó ṣe gé e tán, ó ti gbé oníbàárà lọ dúró sí ìdí pátákó, ibi tí awakọ̀ kankan kì í dúró.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún èyí rọrùn. Kámẹ́rà ńlá fóònù òde òní, tí a kò bá fi súùmù sí i, ń rí ibi tó fẹ̀ gan-an. Tí a bá tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí bébà ní ìbú, tí a sì gbé bébà náà sí ọ̀ọ́kán ojú ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀, ohun gbogbo inú rẹ̀ yóò rí lójú wa ní ìwọ̀n tó fi rí lójú pópó gan-an. Fún bébà A4, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí ojú. Nínú fọ́tò tiwa, pátákó onímítà 6 kò tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ó yà ọ̀dọ́kùnrin náà lẹ́nu. Nọ́ńbà fóònù tó yà ní lẹ́tà gíga sẹ̀ǹtímítà 20 di ìdajì mìlímítà lórí bébà. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú lè rí i tó bá dúró tó tẹjú mọ́ ọn, awakọ̀ tó ń wo ọ̀kadà lápá òsì kò lè rí i.

Fífi iṣẹ́ sínú fọ́tò náà ní ìlànà tirẹ̀. A ṣe fáìlì tó bá pátákó mu, ìlọ́po méjì gíga ní ìbú, a sọ ọ́ di Smart Object, a fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó inú fọ́tò. Lẹ́yìn náà a mú òjìji tó wà lójú pátákó àtijọ́, a fi Multiply, tó ń jẹ́ kí òjìji mú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, gbé e lé iṣẹ́ tuntun. Wáyà iná méjì àti òpó kan kọjá níwájú pátákó náà. A fi Layer Mask, tó ń fi apá kan iṣẹ́ pamọ́ láìpa á rẹ́, gé wọn jáde kí wọ́n lè padà síwájú iṣẹ́. Ó dun ọ̀dọ́kùnrin náà pé wáyà gba orí búrẹ́dì rẹ̀ kọjá, àmọ́ wáyà náà wà níbẹ̀. Ohun ìkẹyìn ni kí a dín mímú lẹ́tà kù títí yóò fi bá ti fọ́tò tó yí i ká mu. Tí a bá rí mọ́kọ́ọ̀pù tí etí lẹ́tà rẹ̀ mú ju ewé igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, kámẹ́rà kọ́ ló rí ohun tó wà níbẹ̀.

A ya fọ́tò náà láàárọ̀, a tún yà á nírọ̀lẹ́ láti ibi kan náà. Ti ìrọ̀lẹ́ ló ṣe pàtàkì, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tí màmá ń wá ń kọjá. Ojú pátákó kọ sí ìlà-oòrùn, àwọn awakọ̀ sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà oòrùn tó ń wọ̀ wà lẹ́yìn pátákó, ó ń tàn sójú wọn. Nínú fọ́tò yẹn, ojú ọ̀run funfun, pátákó ṣókùnkùn. A gbé iṣẹ́ sí i pẹ̀lú òjìji yẹn: àwọ̀ ojú ọ̀run di eérú, lẹ́tà funfun náà di eérú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, orúkọ ilé búrẹ́dì sì wọ inú ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Àìtó ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ méjèèjì ti wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná òru inú fáìlì ọ̀fẹ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Pátákó tiwa kò sì ní iná kankan.

Ibi tí a ti pinnu ohun tó máa kù lójú pátákó nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ pátákó ní òṣùwọ̀n kan: ínṣì 1 gíga lẹ́tà fún ẹsẹ̀ bàtà 10 jíjìnnà, tí a bá fẹ́ kí wọ́n kà á láìfi ipá kà á. Mítà 90 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 300, lẹ́tà wa ní láti ga tó ínṣì 30, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 76. Lójú pátákó tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3, ìlà méjì ni èyí máa gbà, nítorí Yorùbá tún ń béèrè àyè fún àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Mo ti rí àwọn tó máa ń yọ àmì náà kúrò kí lẹ́tà lè tóbi. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tí a ṣe ni pé a mú kí àmì náà nípọn tó ara lẹ́tà fúnra rẹ̀, a sì jẹ́ kí ìlà kejì jìnnà sí ìlà àkọ́kọ́. Orúkọ ilé búrẹ́dì wà lórí ìlà méjèèjì, ní àwọ̀ kírímù lórí ilẹ̀ aláwọ̀ búráùn dúdú, pẹ̀lú búrẹ́dì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn, àdírẹ́sì àti Instagram kúrò. Màmá jà fún nọ́ńbà fóònù. A kò bá a jiyàn, a tẹ bébà A4 náà fún un, a sọ fún un pé kó gbé e sí ọ̀ọ́kán ojú, kó ka nọ́ńbà náà fún wa, kí a sì ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kò kà á tán. Ó ní kí a yọ ọ́.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀dọ́kùnrin náà máa ń kọ nǹkan mẹ́ta sí abẹ́ mọ́kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ fi gba ìbuwọ́lù: ibi tí kámẹ́rà dúró sí, aago tí wọ́n ya fọ́tò, àti bóyá wọ́n gé e tàbí wọn kò gé e. Oníbàárà buwọ́ lu èyí náà. Ó ń gba àkókò ju fáìlì ọ̀fẹ́ lọ, ó sì ń gba owó fún un lọ́tọ̀.

Ohun kan wà tí mọ́kọ́ọ̀pù náà kò lè sọ fún wa, ìyẹn àwọ̀ tí yóò jáde lára ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì ni ẹ̀rọ fi ń ṣe tirẹ̀, àwọ̀ búráùn dúdú tí a wá lò fún pátákó àti ọkọ̀ sì wà lára èyí tó máa ń yẹsẹ̀ jù. Kí a tó tẹ odindi, bàbá alẹ̀sítíkà ní kí a tẹ ègé ìdánwò kan tó fẹ̀ tó ọwọ́ méjì lórí sítíkà ọkọ̀, òmíràn lórí fúlẹ́ẹ̀sì pátákó, láti inú fáìlì kan náà. Ó gbé méjèèjì sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti sítíkà jáde bí a ṣe fẹ́, ti fúlẹ́ẹ̀sì pupa díẹ̀ jù. A dín pupa kù nínú fáìlì pátákó nìkan, a tún tẹ ègé ìdánwò kékeré kan, ó wá bá ti ọkọ̀ mu. Nígbà náà ni a tó gbé odindi sórí ẹ̀rọ.